Padà Lọ Jẹun Nílé Pàpá Éfè

Ìkìrun,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ṣọlá, Àkànní ọmọ mi,

Owú ni mo jẹ. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ láti ìgbà Àjíǹde, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀. Lẹ́tà tí mo kọ sí ọ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, èyí tí mo fi ní kí o má jẹun nílé Pàpá Éfè mọ́, tí mo fi òwe há a ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, tí mo ní ọmọ tó bá ń jẹ kiri kì í mọ ilé tí wọ́n ti fún un ní májèlé, kì í ṣe ọgbọ́n àgbà ló kọ ọ́. Owú ló kọ ọ́. Èmi kàn bá a di bíírò mú ni.

Lẹ́tà tìrẹ tó dé lánàá ló mú mi jókòó. O ní: "Bàbá, mo ti ṣe bí ẹ ti wí. N kò yà lọ́dọ̀ wọn mọ́. Tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, ṣe ni mò ń tilẹ̀kùn. Mò ń rò ó pé kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ tí oṣù yìí bá parí, kí n máa bọ̀ nílé." O kò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ tí o máa ń kọ̀wé títí tí ọ̀rọ̀ yóò fi gun etí ìwé.

Mo kà á fún ìyá rẹ. Ó ń ká aṣọ. Ó ní, "Bàbá Ṣọlá, ta ló ní kó má yà lọ́dọ̀ ta ni?"

Mo ní, "Ọkùnrin Ùròbò tí ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà Àjíǹde. Káfíńtà yẹn."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí i pé kó má lọ?"

"Mo gbà á nímọ̀ràn ni."

"Ìmọ̀ràn." Ó gbọn ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó sì tún un ká. "Èmi mọ orúkọ ìmọ̀ràn yẹn. Àwa ìyàwó nìkan ni wọ́n kàn ń fi pè. Bí èèyàn bá bá wa fún ọmọ lóúnjẹ, ẹ rò pé ọmọ á ti torí ẹ̀ gbàgbé ojúlé bàbá ẹ̀?"

Mo dìde lọ mú bíírò.

Jẹ́ kí n sọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí o lè mọ̀ pé kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ. Nígbà tí o kọ́kọ́ rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní Wharf Road ní Àpápá, tí o sì gba yàrá ní Ajégúnlẹ̀, àwọn ìwé tí o ń kọ sí wa kún fún ẹ̀dùn. O ní láti ìgbà tí ọ́fíìsì bá ti padé lọ́sàn-án Sátidé, ohùn rẹ kì í jáde títí di àárọ̀ Mọ́ńdè. O ní o lọ ra ìṣáná, ìṣáná sì wà nílé, torí kí ẹnì kan lè bá ọ sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ sunkún lórí ìwé yẹn. Èmi, kí n má purọ́, inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n ibì kan nínú mi wà tó gba ìwé náà bí ẹni gba ẹ̀bùn. Ibẹ̀ ń sọ pé: àárò mi ń sọ ọmọ mi.

Lẹ́yìn náà ni Pàpá Éfè wọ inú lẹ́tà. Bàbá arúgbó tó ń kan àpótí ẹrù, tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tìrẹ. O ní o ń kọjá lọ nírọ̀lẹ́, ó sì ní, "My pikin, you don chop?" O ní o ti jẹun. Ó ní, "Then come chop again." Báyìí ni o ṣe jókòó ti sítáàṣì, òkèlè tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ọbẹ̀ ẹyìn lọ́dọ̀ òun àti ìyàwó rẹ̀, o sì ń jókòó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Mo ka ibẹ̀ lákàtúnkà. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè sọ ni. Kí ló dé tí kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́?

O wá sílé fún Àjíǹde. Nídìí oúnjẹ, Pàpá Éfè ní báyìí, Pàpá Éfè ní báhun. Ọ̀nà tí o gbà ń rẹ́rìn-ín ti yí padà, o ń gbé orí sẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé nílé wa kọ́ lo ti kọ́ ọ. O wá gbé àpótí ìjókòó ìyá rẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, èyí tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé n óò tún ṣe, o yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ ará ilé kejì, o gbẹ́ igi pẹlẹbẹ kan tẹ̀ ẹ́ nídìí, ó dúró ṣinṣin. Ìyá rẹ ní, "Ta ló kọ́ ọ?" O dáhùn. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ wo ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kankan ò sí níta. Mo kàn dúró sí ẹ̀yìnkùlé ni, bí ọmọdé tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí o padà, o wá kọ ọ́ pé, "Pàpá Éfè ti di bàbá mi níbí." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbé mì. Mo kọ̀wé májèlé.

Àkànní, ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí burú ni pé kò sí ẹni tó yẹ kó mọ̀ jù mí lọ. Mo ti gbé Ajégúnlẹ̀ rí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún ọ ni pé afẹ́fẹ́ òkun kò bá àyà mi mu, ìdí nìyẹn tí mo fi sá kúrò. Àyà mi kò ní nǹkan kan. Ìdáwà ló lé mi.

O ṣì kéré nígbà náà, òmìnira kò tíì pẹ́ tí a gbà á. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níwèé mẹ́wàá tó pẹ́ kí n tó parí, orí mi wú. Mo fi ìwọ àti ìyá rẹ sílẹ̀ níbí, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìddó, mo sì rí iṣẹ́ ní èbúté Àpápá. Èmi ni mò ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ òkun, tí mò ń fàlà sínú ìwé bí kíréènì bá ti ń gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀. Tálì kíláàkì ni wọ́n ń pe irú wa. Àwọn alábàárù kì í pe orúkọ wa. "Tálì, wá wo eléyìí." "Tálì, o fo àpò kan." Ọjọ́ kan ni mo ṣàkíyèsí pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní Jónátánì. Mo pe ara mi. Nínú yàrá, mo ní, "Jónátánì." Ẹ̀rù bà mí.

Mo fẹ́ kí o mọ bí nǹkan yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, torí kì í wọlé bí olè, bí àlejò tó ní òun ò ní pẹ́ ló ṣe máa ń wọlé. Iṣẹ́ òru tí wọ́n ń pè ní ṣíífù ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún un. Tí ilé bá jí, èmi ń sùn. Tí mo bá jí, wọ́n ti wá omi, wọ́n ti jà, wọ́n ti parí ìjà, wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín náà láti ẹ̀yìn ògiri, mo sì ń rò pé èmi ni wọ́n ń fi rín. Oúnjẹ ẹnì kan sì ṣòro sè. O á se é, á pọ̀ jù, á kan; o ò ní sè é mọ́, wàá fi búrẹ́dì panu. Bí o ò bá wá sè é mọ́, o ò ní jáde síbi tí àwọn èèyàn ti ń dáná, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì wà. Lẹ́yìn èyí, èèyàn á máa wá àwọn èèyàn, á sì tún máa bínú sí wọn. Ẹni tó bá kí ọ, wàá rò pé ó fẹ́ gba nǹkan. Ẹni tí kò bá kí ọ, wàá ní ó ń gbéraga. Ibẹ̀ ló ti ń di àrùn.

Lọ́jọ́ Àìkú tí mo bá ráyè, mo máa ń lọ sí Ìddó lọ dúró de ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti òkè. Mi ò ní ẹni tí mò ń retí. Mo kàn ń wo ojú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀, bóyá n óò rí ilà ojú ará Ìkìrun. Bí mo bá rí ẹnì kan, n óò kí i, a ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, òun á gbé ẹrù rẹ̀ lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀. N óò wá máa jowú àwọn èèyàn tó wá pàdé rẹ̀ títí mo fi máa délé. Wò ó, owú yìí ti pẹ́ lára mi.

Ẹni tí mo jowú jù ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí yàrá rẹ̀ bá tèmi pààlà. Lásún lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe. Kò kàwé. Aṣọ rẹ̀ kì í kúrò nínú epo dúdú. Ṣùgbọ́n bàtà kì í tán lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bàtà ọkùnrin, bàtà obìnrin, bàtà ọmọdé. Bí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, bàtà wọ̀nyẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Mo ní nínú ọkàn mi pé, kí ni wọ́n rí lára eléyìí? Èmi tí mo mọ ìwé rèé.

Ibà gbé mi dálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lásún kanlẹ̀kùn. Ó ní, "Bọ̀dá Kíláàkì, ẹ kúulé o. Wọ́n ní ẹ ò jáde. Mo bá yín mú ẹ̀kọ gbígbóná wá."

Ebi ń pa mí débi pé mo ń gbóòórùn ẹ̀kọ náà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ẹ ṣeun. Mo ti jẹun."

Ó ní, "Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

Ó ní, "Ó dáa. Ara á le o." Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lọ. Kò kan ilẹ̀kùn yẹn mọ́. Mo sì dùbúlẹ̀, mo ń bínú sí i pé kò kàn án lẹ́ẹ̀kejì.

Kò pẹ́ tí mo fi kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, Lásún rí mi pẹ̀lú àpótí mi, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e lérí. Kò bèèrè. A ń lọ sí ibi tí mo ti máa wọkọ̀, ó wá ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Kí la ṣe fún yín nínú ilé yẹn?"

Mo ní, "Ẹ̀yin? Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ kàn ò kí mi ni. Mo kó dé, kò sẹ́ni tó wá kí mi káàbọ̀."

Ó dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú àpótí lórí. "Kí a kí yín? Àwa là ń retí kí ẹ wá kí wa. Ẹ̀yin lẹ dé kẹ́yìn. Ìyá Kàlàbàrí tó wà lẹ́yìn ilé ní, ẹ fi sílẹ̀, kíláàkì ò lè bá irú wa ṣe."

Mo ní, "Nílùú tiwa, onílé ní í kí àlejò."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé àpótí fẹ́ẹ̀ já bọ́. "Onílé kẹ̀? Ta lonílé ní Ajégúnlẹ̀, Bọ̀dá? Ìjẹ̀bú-Igbó lèmi ti wá. Ìyá yẹn, láti odò ni. Lándíláàdì gan-an, ẹ lọ bi í léèrè ìlú ẹ̀. Àlejò ni gbogbo wa. Tí kálukú bá jókòó dúró de onílé, ṣé a ò ní jókòó títí tí a ó fi kú?"

Ó ní nígbà tí òun dé, ṣe ni òun lọ láti ojúlé dé ojúlé. Òun dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, òun bá ọmọdé ṣeré, òun ní, èmi rèé o, Lásún lorúkọ mi, mo ti dé. Bàtà tí mo ń jowú, ẹnu ara rẹ̀ ló fi pè wọ́n wá. A ti dé ìdíkọ̀ kí ó tó parí ọ̀rọ̀, mo sì wọkọ̀. Mo ti ojú fèrèsé wò ó títí n kò fi rí i mọ́. Mo délé, mo ní àyà ló ń dùn mí.

Nítorí náà, ọmọ mi, ìmọ̀ràn tòótọ́ rèé. Mi ò mọ̀ bóyá mo lẹ́nu àtifún ọ ní ìmọ̀ràn mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti já sí kòtò lè júwe kòtò.

Èkínní. Níbi tí o wà, ìwọ ni kí o máa kọ́kọ́ kí èèyàn. Má fi àṣà Ìkìrun díwọ̀n Ajégúnlẹ̀. Mọ orúkọ ọmọ wọn. Àárọ̀ tí wọ́n bá ń dúró de omi, mú gárawá tìrẹ lọ dúró, kódà bí o bá ní omi.

Èkejì. Má ṣe tilẹ̀kùn tí o bá ti iṣẹ́ dé. Mo mọ̀ pé ó rẹ̀ ọ́. Bu omi bọ́jú, gbé àga síta, kí wọ́n rí ọ. Ẹni tí wọn ò bá rí, wọn ò lè rántí rẹ̀. Kí o sì máa dáná, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀wà lásán, kí o sì gbé sítóòfù rẹ síbi tí àwọn yòókù ń gbé tiwọn sí.

Ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ Ìkìrun ń ṣe ìpàdé ní Olódì-Àpápá. Lọ. Ṣùgbọ́n ìpàdé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́. Èmi kì í lọ nígbà tèmi, torí mo rò pé wọn óò bi mí pé kí ni mo ti ṣe. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé o ń ṣiṣẹ́, ara rẹ sì le. Ó tó.

Má purọ́ fún wa nínú lẹ́tà. Èmi ń kọ̀wé sí ìyá rẹ nígbà náà pé èèyàn ń wọ́ tọ̀ mí wá. Ó ń kà á fún àwọn aládùúgbò, ó ń yọ̀, mo sì ń dá jìyà. Ìwọ kò purọ́, o dára jù mí lọ níbẹ̀. Èmi ni mo wá fi ìyà jẹ ọ́ nítorí òtítọ́ tí o sọ.

Tí èèyàn bá fún ọ lóúnjẹ, jẹ ẹ́. A ń sọ pé ẹni tó bá kọ oúnjẹ kọ ẹni tó sè é. Mo kọ ẹ̀kọ Lásún, mo wá tún pàṣẹ pé kí ìwọ náà kọ sítáàṣì Pàpá Éfè. Ìran wa kò gbọdọ̀ jogún ìyẹn.

Ní ti iṣẹ́ tí o fẹ́ fi sílẹ̀, ilẹ̀kùn ilé yìí ṣí sílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá burú, máa bọ̀. Ṣùgbọ́n o kò sọ pé iṣẹ́ burú. Ohun tó bà jẹ́ ni èyí tí èmi bà jẹ́. Kí oṣù tó parí, jọ̀wọ́, kọjá sí yàrá tó dojú kọ tìrẹ. Kan ilẹ̀kùn. Sọ fún Pàpá Éfè pé bàbá rẹ ló ní kí o má wá, àti pé bàbá rẹ ló ní kí o padà. Má bò mí láṣìírí. Bí ojú rẹ̀ bá le, má sá. Bàbá tó ń retí ọmọ lọ́jọ́ Àìkú tí kò rí i yóò ní ìbínú díẹ̀, mo mọ èyí. Ó dájú pé oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ sè fún ọ ti ṣẹ́ kù ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn tí o bá ti jẹun lọ́dọ̀ wọn ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí o wá tún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà rò, kí o sì kọ èyí tí ọkàn rẹ bá sọ sí mi.

Má rò pé owú náà ti tán. Bí mo ti ń kọ èyí, bí mo ti rántí pé ìwọ yóò tún jókòó tì í, mo fi bíírò sílẹ̀ kí n tó tún gbé e. Mo ń rò ó pé ó lè kọ́ ọ ní nǹkan tí èmi kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí, mi ò mọ igi gbẹ́. Mo ti ṣe kíláàkì, mo ti ṣe tíṣà, mo ti ta ìwé, mi ò fìdí múlẹ̀ sí ọ̀kan. Kí ni mo ní láti fi bá a dù ọ́? Ìyá rẹ ní kí n má dù ọ́ rárá, ó ní ọmọ kì í ṣe ìjókòó ọkọ̀. Ó rọrùn fún un láti sọ. Ṣùgbọ́n mo ti yàn án: ó sàn kí n máa jowú, kí ìwọ sì máa jẹun, ju kí ọkàn mi balẹ̀ kí ìwọ sì máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn èèyàn láti ẹ̀yìn ògiri.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí o máa sá aṣọ rẹ sóòrùn, òjò Èkó kò dára. Ọlọ́run yóò fi ojú rere èèyàn yí ọ ká.

Lọ́la, kí oòrùn tó mú, n óò ru iṣu lọ sí gáráàjì, n óò kó o fún awakọ̀ tó ń lọ sí Àpápá, pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Lẹ́tà ni tìrẹ. Iṣu kì í ṣe tìrẹ. N óò sọ fún awakọ̀ náà pé kó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn Pàpá Éfè, kó gbé iṣu náà fún un, kó sì sọ pé Jónátánì ará Ìkìrun, bàbá Ṣọlá, ló ní kí òun wá kí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jónátánì.